Abúrò mi ní òun ti dé B2, mo ní kó fi hàn mí

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti dé B2 o.”

Ohun tí abúrò mi obìnrin kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó wọlé tọ̀ mí wá ní Ọ̀fà, lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà. Nọ́ọ̀sì ni. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló ti ń kọ́ èdè Faransé ní kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí Kánádà. Ó gbé ìwé ẹ̀rí kan lọ́wọ́, ó ti fi férémù sí i, wọ́n sì kọ B2 gàdàgbà sí àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdúpẹ́ ló gbé e wá. Ó fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn, kó fi san owó ìdánwò TCF Canada, kó fi wọkọ̀ lọ sí Èkó, kó sì fi sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì. Èmi ló fẹ́ kí n ṣe onídùúró.

Ìmọ̀ òfin ni mo kọ́ ní yunifásítì, ìwà burúkú tó sì kù sí mi lára láti ibẹ̀ ni pé tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, mo máa ń béèrè ẹ̀rí. Abala 131 nínú òfin ẹ̀rí ilẹ̀ wa ti ọdún 2011 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá òun láre lórí ọ̀rọ̀ kan, òun ló máa fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé, “Ta ló ní B2 ni ẹ́?” Ó nawọ́ sí férémù. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ohun tí ẹlòmíì sọ nípa rẹ nìyẹn. Ó bínú sí mi díẹ̀, mi ò dá a lẹ́bi. Ká má parọ́, èmi náà jẹ̀bi lọ́jọ́ yẹn. Nínú ìwé tí mo fi ń wá iṣẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Faransé: B2”, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dán mi wò rí. Áàpù kan lórí fóònù mi ló sọ fún mi pé mo ti parí ìpele yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí lẹ́tà àti nọ́ńbà yìí jẹ́. Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ló gbé ìlànà yẹn jáde lọ́dún 2001 fún gbogbo èdè, kì í ṣe Faransé nìkan. Ìpele mẹ́fà ni: A1 àti A2 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, B1 àti B2 fún ẹni tó ti lè dá dúró, C1 àti C2 fún ẹni tí èdè náà ti mọ́ lára. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé kò sí ibì kan nínú ìlànà yẹn tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ ka orí ìwé báyìí báyìí, tàbí kẹ́ ẹ mọ òfin gírámà báyìí báyìí, kẹ́ ẹ tó dé ìpele kan. Ohun tí èèyàn lè fi èdè náà ṣe ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gbólóhùn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mo lè.” Ní Súwísáláńdì ni wọ́n ti dán àwọn gbólóhùn yẹn wò, tí wọ́n kó wọn fún nǹkan bí 300 olùkọ́ kí wọ́n fi wọ́n wọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tó le ju èyí lọ.

Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ bí ará Ọ̀fà ṣe máa gbọ́ ọ, ẹ ní ẹ̀ ń lọ sí Kùtọnú. Ẹni tó wà ní A1 lè kí èèyàn, ó lè sọ orúkọ rẹ̀, ó lè béèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan, tí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bá fara balẹ̀ tó sì ń tún un sọ. Ẹni tó wà ní A2 lè ra nǹkan, ó lè wọkọ̀, ó lè sọ nípa ẹbí àti iṣẹ́ rẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú. Tí mọ́tò bá wá bàjẹ́ lọ́nà, tí wọ́n jí báàgì rẹ̀ gbé, tó sì ní láti ròyìn fún ọlọ́pàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibẹ̀ ni B1 ti bẹ̀rẹ̀. B2 ni kó lè bá onílé jà lórí owó ilé, kó sọ ìdí tí òun fi ṣe báyìí, kó gbọ́ àwíjàre onílé, kó sì dá a lóhùn láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń làágùn. Ẹ di ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yẹn mú. Ó wà nínú ìlànà náà fúnra rẹ̀ pé ní B2, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ láàárín ẹ àti onílé èdè láìjẹ́ wàhálà fún ẹnì kankan nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹ ń kọ́?

Ohun kejì tó ń tan èèyàn jẹ ni pé a máa ń sọ pé “B2 ni mí” bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Tí ẹ bá wo tábìlì tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ díwọ̀n ara rẹ̀, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín in sí: gbígbọ́, kíkà, sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì, dídá sọ̀rọ̀, àti kíkọ. Èèyàn lè wà ní B2 nínú ọ̀kan kó wà ní A2 nínú òmíràn, kò sì sí ohun àjèjì nínú ìyẹn. Ti Kánádà wá le díẹ̀ sí i. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fa àwọn tó gbọ́ Faransé yọ lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni ìpele 7 lórí òṣùwọ̀n tiwọn tó ń jẹ́ NCLC, nínú gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú TCF Canada, ibi tí B2 ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìpele 7 yẹn bọ́ sí fún kíkọ àti sísọ, ìyẹn máàkì 10 nínú 20. Bí abúrò mi bá gba B2 nínú mẹ́ta, tí sísọ kò dé ibẹ̀, kò kúnjú òṣùwọ̀n nìyẹn, owó alájẹṣẹ́kù sì ti lọ.

Ká tó dán nǹkan kan wò rárá, mo mú bírò àti ìwé, mo ní ká ṣírò wákàtí. Àwọn ará Kémúbíríìjì tó ń ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ti sọ iye wákàtí tí èèyàn sábà máa ń lò níwájú olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: bíi 180 sí 200 kó tó dé A2, 350 sí 400 kó tó dé B1, 500 sí 600 kó tó dé B2. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ìyẹn fún o, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ bóyá irọ́ ń bẹ níbì kan. Ẹ tún wò ó pé láti A2 dé B1 nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iye wákàtí kan náà tí ẹ ti lò láti òdo dé A2. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń rò pé àwọn ò tẹ̀ síwájú mọ́ lẹ́yìn A2. Wọ́n ń tẹ̀ síwájú, ọ̀nà ló gùn sí i.

Abúrò mi ń lọ sí kíláàsì wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé, wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú, fún ọ̀sẹ̀ 40. Ìyẹn 160. Iṣẹ́ alẹ́ gbà lára rẹ̀, ó ní òun á ti pàdánù tó 30. Ó ku 130. Ó ń lo áàpù fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Nínú ọjọ́ 280, ìyẹn tó wákàtí 93. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 223, tí a bá tiẹ̀ gbà pé áàpù àti olùkọ́ jọra, tí wọn ò sì jọra. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá A2 nìyẹn. Ó dákẹ́, ó ń wo ìwé. Mo tún bi í pé àwọn mélòó ló wà ní kíláàsì? Ó ní 25. Mo ní ká gbà pé olùkọ́ ló ń sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí méjì yẹn. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú ló kù fún èèyàn 25, ìyẹn ò pé ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 65 ló lọ sí kíláàsì. Gbogbo Faransé tó ti ẹnu rẹ̀ jáde níbẹ̀ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀wàrà kò ju wákàtí méjì àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ.

“Háà,” ló sọ. “Wákàtí méjì àtààbọ̀ lódindi ọdún?”

A wá mú ọjọ́ Àìkú kan tí kò sí níbi iṣẹ́. Mo fi òfin mẹ́ta lélẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ “mo lè” yẹn. Àkọ́kọ́, láìsí ìwé atúmọ̀ èdè, láìsí fóònù. Èkejì, lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ohun tí èèyàn ti há sórí kò sọ nǹkan kan nípa ìpele rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan tó kùnà lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì lè ṣe é. Èmi náà sì ní láti ṣe gbogbo ohun tó bá ṣe.

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ètò kan tó ń jẹ́ Dialang, tí Yunifásítì Láńkásítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni ìkínní tó máa ń fi kí èèyàn. Ó máa to ọ̀rọ̀ ìṣe 75 síwájú ẹ, á ní kó o sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi àti èyí tí kì í ṣe. Wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ irọ́ mọ́ ọn, èyí tó dún bíi Faransé tí kò sì sí nínú Faransé. Tó o bá ń sọ “mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n” sí gbogbo rẹ̀, máàkì rẹ máa já wálẹ̀. Ẹ̀yin ará, èmi tí mo jókòó tí mo ń ṣe lọ́yà fún ọmọlọ́mọ, mo sọ pé mo mọ ọ̀rọ̀ irọ́ tó pọ̀! Abúrò mi ò ṣe tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó máa ń sọ pé òun ò mọ ohun tí òun ò mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ètò náà máa bi ẹ́ léèrè ohun tí o rò pé o lè ṣe, á wá dán ẹ wò, á sì gbé èrò rẹ àti èsì rẹ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èmi pe ara mi ní B2 nínú gbígbọ́. Ó fún mi ní B1. Àbùkù kan tó ní ni pé kì í dán sísọ wò rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni irọ́ wa pọ̀ sí.

Fún kíkà àti kíkọ, a lo ìbéèrè àpẹẹrẹ DELF. Àwọn tó ni ìdánwò yẹn ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní France Éducation international, gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìdáhùn. Apá mẹ́rin ni DELF ní, máàkì 25 wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo rí kọ́ níbí ni pé kéèyàn má fo ìpele. Ẹ ṣe ti ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ti òkè, nítorí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣe B2 tẹ́ ẹ sì gba díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá B1 lẹ wà tàbí A2. Abúrò mi gba 17 nínú 25 ní kíkà B1, ó gba 11 ní B2. Ìyẹn fi hàn pé B1 rẹ̀ dúró dáadáa, ó sì ti ń kan ilẹ̀kùn B2. Ní kíkọ, B2 ń béèrè ọ̀rọ̀ 250 ní wákàtí kan, lẹ́tà tí èèyàn fi ń ja fún èrò rẹ̀. Nígbà tí aago pé, ó ti kọ 140, ó sì ti pa ìlà mẹ́rin rẹ́. Nígbà tá a fún un ní ti B1 lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ 160 ní ìṣẹ́jú 45, ó kọ ọ́ tán. Olùkọ́ Faransé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa ló bá wa ka méjèèjì. Ó ní ti B1 á yege, kò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ti B2, ó kàn dá a padà fún un.

Ẹ kíyè sí i pé a ní láti wá ẹlòmíì fún kíkọ. Èèyàn lè fi ìdáhùn wo gbígbọ́ àti kíkà fúnra rẹ̀. Àmọ́ àṣìṣe tí o ń ṣe nínú ìwé rẹ, o ò lè rí i. Tó bá jẹ́ pé o mọ̀ pé àṣìṣe ni, o ò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Gbígbọ́ ya òun gan-an lẹ́nu. Rédíò RFI ní ìròyìn kan tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ èdè, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn sọ ọ́, wọ́n sì máa ń gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Mo ní kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kó wá fi Yorùbá sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Fífi Yorùbá sọ ọ́ ṣe pàtàkì, nítorí téèyàn bá ń fi Faransé ròyìn Faransé, ó lè máa pe ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Nínú ìròyìn mẹ́fà, ó mú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè pé kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn fi daṣẹ́ sílẹ̀, kò mọ̀. Ó gbọ́ “òṣìṣẹ́”, ó gbọ́ orúkọ ìlú, ó wá fi orí ara rẹ̀ parí ìtàn. Nígbà tó ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yé e tán. Ohun tí èyí ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà lójú rẹ̀, kò sí ní etí rẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ B1, torí pé ìròyìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn sọ nìyẹn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ fún onílé èdè.

Ó wá ku sísọ.

Màmá kan ń ta aṣọ lọ́jà Ọ̀wọ́dé níbí. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni, ọkọ ló gbé e wá sí Ọ̀fà, ẹ sì mọ̀ pé kò sí agbo ilé ní Ẹ̀jìgbò tí kò lẹ́ni ní Abíjàn. Òun náà lo ju ogún ọdún lọ ní Abíjàn níbi tó ti ń tajà. Kò jókòó ní kíláàsì Faransé rí. Mo ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ fún un, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní ràn án lọ́wọ́ o. Ẹ kàn bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa bá oníbàárà yín ní Abíjàn sọ̀rọ̀.” Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dùn. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ìdí tó fi ń kọ́ Faransé, ó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Kíláàsì ló ti há a sórí. Màmá wá bi í ní Faransé pé ta ló máa tọ́jú ìyá rẹ̀ tó bá lọ, ṣé kò ní kábàámọ̀ rẹ̀? Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tì í, ó tún dúró. Nígbà tá a délé, a gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kíní a ka iye ìgbà tó yà sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá: mẹ́rìnlá. Lẹ́ẹ̀kejì a ka iye ìgbà tí màmá bá a parí gbólóhùn, pẹ̀lú gbogbo ìkìlọ̀ tí mo ṣe: mẹ́sàn-án. Lẹ́ẹ̀kẹta a wá gbólóhùn tó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ pẹ̀lú “nítorí” tàbí “bó tilẹ̀ jẹ́ pé”: méjì péré. Màmá ló ń làágùn. Mo ní kí abúrò mi fúnra rẹ̀ ka tábìlì náà kó mú ibi tó bá a mu. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

“A2 ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Èmi náà ṣe tèmi. Mi ò ní fi iye tèmi sí orí ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n mo padà lọ sí ìwé tí mo fi ń wá iṣẹ́, mo pa B2 rẹ́, mo kọ ọ́ sí mẹ́rin: kíkà B2, gbígbọ́ B1, kíkọ B1, sísọ A2. Ó dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá pè mí síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò sẹ́ni tó máa fi ìbéèrè kan ṣoṣo dójú tì mí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀ kí ẹnì kan má fi èyí ṣìnà. Faransé tí wọ́n ń sọ lọ́jà Abíjàn kì í ṣe ti inú ìdánwò tán. Màmá lè sọ fún ẹ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ ń yé èèyàn, kò lè sọ fún ẹ bóyá olùdánwò á fún ẹ ní 10 nínú 20. Ìdánwò sísọ ti TCF Canada jẹ́ ìṣẹ́jú méjìlá, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì ni kó o dá sọ èrò rẹ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn nílò ẹni tó mọ ìdánwò náà. Èsì rẹ̀ sì máa ń gbó lẹ́yìn ọdún méjì, torí náà kéèyàn sáré lọ ṣe é kó lè fi “wo ibi tí òun dé” jẹ́ fífi owó ńlá ra ohun tí fóònù àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè sọ fún un.

Mi ò ṣe onídùúró lóṣù yẹn. A jọ fẹnu kò pé kó fi ìdánwò náà sílẹ̀ títí sísọ rẹ̀ á fi dé ibi tí kíkà rẹ̀ wà. Ó dín áàpù kù. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ jókòó ti màmá lọ́jà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ń bá a ká aṣọ, Faransé nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ bá mi ṣírò ìyẹn náà: wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti sọ Faransé ju bó ṣe sọ ọ́ lódindi ọdún ní kíláàsì. A ò sì dán an wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ìpele kì í yí padà lọ́sẹ̀ kan. Ohun tí èèyàn máa rí ni bí ara ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, bóyá ó sùn dáadáa tàbí kò sùn.

Oṣù Èrèlé la tó tún gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Màmá ní kó ròyìn alẹ́ tó le jù tó ti lò níbi iṣẹ́ rí. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, aláboyún kan ń rọbí. Ó yà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀marùn-ún, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ irinṣẹ́ ọsibítù. Màmá bá a parí gbólóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn tó ní orí tó ní ìdí, pẹ̀lú ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀: B1 nìyẹn, a ò bẹ̀rù láti kọ ọ́. Nígbà tí màmá wá ní kó sọ bóyá ìjọba ló jẹ̀bi tàbí àwọn ọ̀gá ọsibítù, kó sì gbè é lẹ́sẹ̀, ó tún há. Ibẹ̀ ni B2 wà, kò tíì débẹ̀. Kíkà rẹ̀ ò sún kúrò níbi tó wà, torí kò kà nǹkan kan láàárín oṣù mẹ́rin yẹn.

Bá a ṣe ń palẹ̀ mọ́, màmá pè mí. “Ọmọ mi, èmi ńkọ́? Ìpele wo ni tèmi?”

Mo ní, “Màmá, ní sísọ, ẹ ti kọjá àwa méjèèjì. B2 lẹ wà, bóyá ẹ tiẹ̀ lé díẹ̀.” Mo fi páálí oògùn kan tí wọ́n kọ Faransé sí hàn án, mo ní kó kà á fún mi. Ó wò ó, ó yí i po, ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ ìwé. Ní kíkà, kò tíì dé A1. Abúrò mi gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó pè é, ó ní kí màmá pè é tẹ̀ lé òun. Bí màmá ṣe gbọ́ ọ, ló ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí? Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí!” Ní báyìí, tó bá di ọjọ́bọ̀, ogún ìṣẹ́jú jẹ́ ti màmá nínú ọgbọ̀n yẹn dípò kó jẹ́ ti abúrò mi. Férémù yẹn ṣì wà lára ògiri yàrá rẹ̀, ó ní òun ò lè yọ ọ́, owó férémù pọ̀.